Ẹni Tó Ni Fíìdì Ló Ni Ètò: Ìtàn Bí Pódíkáàsì Ṣe Ń Dé Orí Áàpù Orin

Bí ènìyàn bá ṣí Apple Podcasts lórí fóònù rẹ̀ lónìí, tó fọwọ́ kan àwòrán ètò kan, tí ohùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ohun tí yóò gbà lọ́kàn ni pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni áàpù náà ni ètò ọ̀hún wà. Yóò rò pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá wọn, tí wọ́n sì pàtẹ rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni Apple gbà lọ́wọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà. Ibòmíràn ni fáìlì ohùn wà, lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tí a lè pè ní agbàlejò, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba fáìlì onífáìlì sílé, kó sì máa bu ú fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Láàárín agbàlejò àti áàpù ni àkọsílẹ̀ kékeré kan wà tí kọ̀ǹpútà ń kà, tí wọ́n ń pè ní fíìdì RSS.

Nínú àkọsílẹ̀ kékeré yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ohun ìní wà. Ẹni tó bá di àdírẹ́sì fíìdì mú ni onílé. Ẹni tí àdírẹ́sì náà kò bá sí níkàáwọ́ rẹ̀, ayálégbé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn tirẹ̀ ni à ń gbọ́. Ìtàn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, láti 1999 sí 2024, ló fi èyí hàn, òun ni a ó sì tọ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí.

Bí ohùn ṣe wọ inú àkọsílẹ̀

Ní oṣù Kẹta ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ Netscape, ní Amẹ́ríkà, gbé RSS jáde. Kò sí ọ̀rọ̀ ohùn nínú rẹ̀ rárá nígbà náà. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí ìkànnì ìròyìn kọ̀ọ̀kan to àkọlé ìròyìn rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ kan, kí Netscape lè ṣa àkọlé oríṣiríṣi jọ sójú ewé kan fún àwọn tó ń lo ìkànnì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn tó máa ń dúró nídìí àtẹ ìwé ìròyìn láàárọ̀, tí wọ́n ń ka àkọlé láìra ìwé kankan, ẹ ti mọ iṣẹ́ tí RSS ń ṣe. Ó ń sọ ohun tó dé fúnni, ó sì ń júwe ibi tí a ti lè rí i.

Kò pẹ́ tí Netscape fi pa iṣẹ́ náà tì. Ọ̀kan lára àwọn tó gbé e dání ni Dave Winer, ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tó sì ní ìkànnì kan tó ń kọ èrò rẹ̀ sí lójoojúmọ́. Ní ọdún 2000, òun àti Adam Curry, tó ti jẹ́ atọ́kùn ètò orin lórí tẹlifíṣàn MTV rí, pàdé ní Níú Yọ́ọ̀kì. Ìṣòro kan ló ń jẹ Curry lọ́kàn. Íńtánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà falẹ̀ púpọ̀. Bí ènìyàn bá tẹ fáìlì ohùn, yóò jókòó tì í títí yóò fi sú u, ohun tí yóò sì gbọ́ níkẹyìn lè má tó nǹkan lójú ìdúró tó dúró.

Èrò Curry rọrùn. Kí ló dé tí ènìyàn fi ní láti jókòó tì í? Kọ̀ǹpútà kì í sùn. Bí kọ̀ǹpútà bá lè mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ohùn tuntun ti dé, yóò máa fà á wá díẹ̀díẹ̀ lóru, nígbà tí olówó rẹ̀ bá ń sùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, fáìlì náà ti wà nílẹ̀, gbígbọ́ ló kù. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò máa sọ fún kọ̀ǹpútà pé ohun tuntun dé, kó sì júwe ibi tó wà. Iṣẹ́ tí RSS sì ti ń ṣe fún ìròyìn nìyẹn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000, Winer gbé ẹ̀dà RSS tuntun jáde, ó sì fi ìlà kan kún un tó ń jẹ́ `enclosure`. Ìlà náà kò gbé ohùn dání. Ó kàn ń sọ ibi tí fáìlì wà, bó ṣe tóbi tó, àti irú fáìlì tó jẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ó dán an wò pẹ̀lú orin ẹgbẹ́ olórin Grateful Dead, ó sì ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, ọ̀nà ti là ṣùgbọ́n kò sí arìnrìn-àjò. Ó di ọdún 2003 kí Christopher Lydon, oníròyìn tó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú New York Times àti ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Bọ́sítìnì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Yunifásítì Harvard, níbi tí Winer náà wà nígbà náà. Winer ṣe fíìdì tó ní `enclosure` fún un. Ní oṣù Kejì ọdún 2004, Ben Hammersley kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn The Guardian ní Lọ́ńdọ̀nù lórí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó sì wá orúkọ tí a lè fi pè é. Ọ̀kan nínú orúkọ tó dá lábàá ni pódíkáàsì, tó jẹ́ àkànpọ̀ orúkọ ẹ̀rọ orin iPod àti ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún náà, Curry ti bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ iPodder sì ti wà, èyí tó ń ka fíìdì, tó ń fa fáìlì wá, tó sì ń gbé e sínú iPod.

Ìdí tí agbàlejò fi wà

Ẹni tó bá ń ṣe pódíkáàsì ní ọdún 2004 lè fi fáìlì rẹ̀ sórí ìkànnì ara rẹ̀. Ìyà tó máa ń jẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ yani lẹ́nu, nítorí pé bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ṣe dára tó ni gbèsè rẹ̀ ń pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ohùn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí a fún pọ̀ sí 64 kbps, èyí tó tó fún ọ̀rọ̀ sísọ, jẹ́ 14.4 MB. Bí ẹgbẹ̀rún kan olùgbọ́ bá wà á sílẹ̀, 14.4 GB ló jáde láti inú ìkànnì náà. Bí ètò bá ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, iye yẹn ní ìlọ́po mẹ́rin ni fún oṣù kan. Àwọn tó ń yá ènìyàn ní àyè ìkànnì nígbà náà ń gba owó lórí iye ohun tó bá jáde, bó bá sì ti kọjá ààlà, wọ́n lè ti ìkànnì pa tàbí kí wọ́n kọ owó gọbọi ránṣẹ́.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004 ni Libsyn bẹ̀rẹ̀, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó fi ìgbàlejò pódíkáàsì ṣe òwò. Wọ́n yí ìṣirò padà. Wọn kò ka iye ènìyàn tó wá gbọ́ mọ́. Iye fáìlì tuntun tí olóhùn ń gbé wá lóṣooṣù ni wọ́n ń gbowó lé. Olùgbọ́ ìbáà jẹ́ mẹ́wàá, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, owó olóhùn kò yí padà. Agbàlejò tún ń kọ fíìdì náà fúnra rẹ̀. Olóhùn yóò gbé fáìlì wá, yóò tẹ àkọlé àti àlàyé, ẹ̀rọ yóò sì to ìyókù.

Ìrọ̀rùn yìí ló bí ọ̀rọ̀ ayálégbé tí a fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí olóhùn ń kọ fíìdì fúnra rẹ̀ sórí ìkànnì rẹ̀, tirẹ̀ ni àdírẹ́sì. Nígbà tí agbàlejò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, àdírẹ́sì náà di ti agbàlejò.

Apple àti àkọsílẹ̀ orúkọ

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà ọdún 2005, Apple gbé iTunes 4.9 jáde, pódíkáàsì sì wọ inú áàpù orin fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́nà tí ará ìta lè lò. Ètò tó lé ní 3,000 ló wà nínú àkọsílẹ̀ orúkọ wọn lọ́jọ́ náà. Láàárín ọjọ́ méjì, Apple kéde pé iye ìforúkọsílẹ̀ sí àwọn ètò náà ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Ohun tí Apple kò ṣe lọ́jọ́ náà ló tọ́ ká kíyè sí. Wọn kò gba fáìlì ẹnikẹ́ni. Àdírẹ́sì fíìdì ni wọ́n gbà, wọ́n sì fi àwọn ìlà díẹ̀ tiwọn kún RSS fún àwòrán, ẹ̀ka ètò, àti orúkọ olóhùn. Apple wá dà bí ìwé orúkọ tí gbogbo ìlú ń yẹ̀ wò. Bí ètò tuntun bá jáde, Apple yóò rí i nínú fíìdì, fóònù olùgbọ́ yóò sì lọ gba fáìlì lọ́dọ̀ agbàlejò. Títí di òní, bí ọ̀pọ̀ pódíkáàsì ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo fíìdì fúnra rẹ̀. Ká ní obìnrin kan wà ní Ìbàdàn tó ń ṣe ètò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lórí ìtàn àdúgbò, tó pè é ní Àdúgbò Wa. Bí apá kejìlá ètò rẹ̀ yóò ṣe rí nínú fíìdì rèé:

```
<item>
  <title>Apá 12: Ọjà Ọba</title>
  <enclosure
    url="https://ohun.example.com/adugbo/apa12.mp3"
    length="14400000" type="audio/mpeg"/>
  <guid isPermaLink="false">adugbo-0012</guid>
  <pubDate>Fri, 07 Jun 2024 06:00:00 +0100</pubDate>
</item>
```

Ìlà `enclosure` ni èyí tí Winer fi kún un ní ọdún 2000. Ó ń sọ ibi tí fáìlì wà, ìwọ̀n rẹ̀, àti pé MP3 ni. Ìlà `pubDate` ń sọ ọjọ́ àti àkókò, `+0100` sì ni aago Nàìjíríà. Ìlà tí à ń pè ní `guid` ni kí ẹ fi sọ́kàn jù, nítorí pé a ó padà sídìí rẹ̀. Òun ni orúkọ àbísọ apá náà. Àkọlé lè yí padà, fáìlì lè ṣí nípò, ṣùgbọ́n `guid` kò gbọdọ̀ yí. Òun ni áàpù fi ń mọ̀ pé apá yìí kì í ṣe tuntun, pé olùgbọ́ ti gbọ́ ọ rí.

Lókè fíìdì ni ohun tó kan ètò lápapọ̀ wà: orúkọ rẹ̀, àlàyé, ẹ̀ka, bóyá ọ̀rọ̀ rírùn wà nínú rẹ̀, àti èdè. Èdè Yorùbá ní àmì tirẹ̀, `yo`, tí a ń kọ báyìí: `<language>yo</language>`. Ọ̀pọ̀ agbàlejò máa ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì síbẹ̀ bí olóhùn kò bá yí i padà, áàpù yóò sì to ètò Yorùbá mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwòrán ètò gbọ́dọ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin ọgbọọgba, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín sí 1400 tàbí kó ju 3000 píksẹ́lì lọ ní ìhà kọ̀ọ̀kan fún Apple.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń ba fíìdì Yorùbá jẹ́. Èkíní ni àmì ohùn. Fíìdì gbọ́dọ̀ wà ní `UTF-8`, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ẹ̀ àti ọ̀ wa yóò di àmì rádaràda lójú olùgbọ́. Inú àkọlé ni kí àmì ohùn mọ sí, kó má wọ orúkọ fáìlì. `apa12.mp3` ni kí a kọ, láìsí àmì, láìsí àlàfo. Èkejì ni àmì `&` tí àwọn ènìyàn ń kọ dípò "àti". Bó bá wọ inú fíìdì bẹ́ẹ̀ tí a kò kọ ọ́ ní `&amp;`, kì í ṣe apá kan ló bàjẹ́, gbogbo fíìdì ni áàpù kò ní lè kà mọ́. Agbàlejò tó mọṣẹ́ yóò tún àmì yìí ṣe fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọwọ́ kọ fíìdì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí ètò kò bá yọ mọ́ lójijì lórí gbogbo áàpù lẹ́ẹ̀kan náà, inú fíìdì ni kí a kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ orí áàpù kan ṣoṣo ni kò ti yọ, áàpù náà ni kí a bi.

Bí fíìdì bá ti dúró, ìgbésẹ̀ tó kù kò pọ̀. Obìnrin yìí yóò ṣí àkáǹtì sí ọ̀dọ̀ Apple àti Spotify, yóò sì lẹ àdírẹ́sì fíìdì síbẹ̀. Spotify yóò fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí ímeèlì tó wà nínú fíìdì, kó lè dá a lójú pé ẹni tó ni ètò ló mú un wá. Ìdí nìyí tí ímeèlì inú fíìdì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀, tó sì ń ṣí i wò. Lẹ́yìn èyí, kò tún ní í lọ sọ́dọ̀ áàpù kankan mọ́ bó bá ní apá tuntun. Ọ̀dọ̀ agbàlejò nìkan ni yóò ti máa gbé fáìlì sílẹ̀, àwọn áàpù yóò sì wá ka fíìdì fúnra wọn, nígbà mìíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà mìíràn láàárín ọjọ́ kan.

Nígbà tí àwọn olórin wọlé

Fún bí ọdún mẹ́tàlá lẹ́yìn 2005, Apple ni ìwé orúkọ tó tóbi jù. Ní ìparí ọdún 2018, Spotify ṣí ilẹ̀kùn fún olóhùn gbogbo láti mú fíìdì wọn wá. Ní oṣù Kejì ọdún 2019, ó ra ilé-iṣẹ́ méjì: Gimlet tó ń ṣe ètò, àti Anchor tó ń gbàlejò lọ́fẹ̀ẹ́. Áàpù orin di agbàlejò pẹ̀lú. Ẹni tó ń ka fíìdì di ẹni tó ń kọ ọ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Spotify bá Joe Rogan, tí ètò rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n ń gbọ́ jù ní Amẹ́ríkà, ṣe àdéhùn. Nígbà tí ọdún náà fi máa parí, ètò náà ti kúrò nínú fíìdì gbogbogbòò. Ẹni tí kò bá ní Spotify kò lè gbọ́ ọ níbòmíràn mọ́. Pódíkáàsì tó ti ń lọ láti ilé dé ilé wá wọ inú ọgbà kan tó ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo. Ó di oṣù Kejì ọdún 2024 kí àdéhùn tuntun tó gbà á láyè láti padà sórí àwọn áàpù yòókù.

Google náà gbé Google Podcasts jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2018. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n pa á ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n sì pa á ní àwọn orílẹ̀-èdè yòókù. Áàpù tó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn ètò tó wà lórí rẹ̀? Ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Àdírẹ́sì ni Google ní lọ́wọ́, fáìlì kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Olùgbọ́ lè ko àdírẹ́sì àwọn ètò tó ń tẹ̀ lé sínú fáìlì kan, kó sì gbé e wọ áàpù mìíràn, olóhùn kò sì ní láti gbé ẹsẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ pé inú Google ni wọ́n gbé fáìlì sí tààrà, ọjọ́ náà ìbá jẹ́ ọjọ́ ìkólẹ̀wálẹ̀.

YouTube Music, tí Google fi rọ́pò rẹ̀, kò tẹ̀ lé ìlànà àtijọ́ pátápátá. Ó ń gba fíìdì, ṣùgbọ́n kì í rán fóònù olùgbọ́ lọ sọ́dọ̀ agbàlejò. Ó máa ń da fáìlì ohùn kọ, yóò fi àwòrán ètò sí i, yóò sì sọ ọ́ di fídíò lọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ohun méjì ló ti ibẹ̀ wá. Àwọn tó bá gbọ́ ọ níbẹ̀ kò ní í hàn nínú òǹkà tí agbàlejò ń fi han olóhùn. Bí olóhùn bá sì yí fáìlì padà lọ́dọ̀ agbàlejò láti yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, èyí tí YouTube ti dà kọ lè wà bó ṣe wà títí yóò fi lọ tún un ṣe níbẹ̀.

Ọjọ́ ìkólẹ̀

Ọjọ́ tí olóhùn bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ agbàlejò kan lọ sọ́dọ̀ òmíràn ni a ń mọ̀ bóyá onílé ni tàbí ayálégbé. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin Ìbàdàn. Ká ní ó ti ṣe ọgọ́ta apá, tí agbàlejò rẹ̀ sì fi owó kún owó. Ó ti rí agbàlejò tuntun. Fáìlì ọgọ́ta náà, ní 14.4 MB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 864 MB. Agbàlejò tuntun yóò ka fíìdì àtijọ́, yóò sì da gbogbo rẹ̀ kọ. Ibí yìí rọrùn.

Ìṣòro wà lọ́dọ̀ àwọn olùgbọ́. Àdírẹ́sì àtijọ́ ni gbogbo áàpù mọ̀. Bó bá kàn ti àkáǹtì àtijọ́ pa, áàpù yóò kanlẹ̀kùn, kò ní í sẹ́ni tó dáhùn, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ yóò sì gbà pé ètò ti kú. Ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni pé kí agbàlejò àtijọ́ máa dá áàpù lóhùn pé onítọ̀hún ti kó lọ, kó sì júwe ilé tuntun. Bí ìdáhùn náà ṣe ń rí nìyí:

```
HTTP/1.1 301 Moved Permanently
Location: https://feed.example.org/adugbo
```

`301` túmọ̀ sí pé ó ti kó lọ pátápátá. `302` wà tó túmọ̀ sí pé ó jáde lọ fúngbà díẹ̀. Bí agbàlejò bá fi `302` dáhùn, áàpù yóò tẹ̀ lé e lónìí, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì àtijọ́ ni yóò fi pa mọ́. Lọ́jọ́ tí ìdarísí náà bá dáwọ́ dúró, olùgbọ́ yóò sọ nù. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lè yẹ èyí wò fúnra rẹ̀ nípa títẹ `curl -I` pẹ̀lú àdírẹ́sì àtijọ́, kó sì ka ìlà àkọ́kọ́ tó bá jáde. Yàtọ̀ sí èyí, a óò fi ìlà kan sínú fíìdì tuntun tí Apple ń kà, `itunes:new-feed-url`, tó ní àdírẹ́sì tuntun nínú. Apple ní kí a jẹ́ kí ìdarísí náà wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán. Ó sàn kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí kò ṣí áàpù rẹ̀ fún oṣù méjì náà jẹ́ olùgbọ́.

Ibí yìí ni `guid` ti ń ṣe tirẹ̀. Bí agbàlejò tuntun bá fún ọgọ́ta apá náà ní `guid` tuntun dípò kó fi ti àtijọ́ sílẹ̀, áàpù yóò rò pé ọgọ́ta apá tuntun jáde lọ́jọ́ kan. Àmì pé olùgbọ́ ti gbọ́ wọn yóò parẹ́. Fóònù tí olówó rẹ̀ bá ti sọ fún pé kó máa wa gbogbo apá tuntun sílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa 864 MB láìbéèrè. Nílùú tí ènìyàn ti ń ra dátà ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, ètò tó bá jẹ ẹni ní dátà báyìí, piparẹ́ ni yóò pa á. Kí a tó darí ẹnikẹ́ni, kí a ṣí fíìdì méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a sì fi `guid` apá mẹ́ta tàbí mẹ́rin wéra. Bí wọn kò bá bára mu, kí a dúró.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi `301` síbẹ̀? Agbàlejò àtijọ́ ni, ìyẹn ẹni tí à ń fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe é láìjanpata, àwọn kan sì wà tí ìpèsè ọ̀fẹ́ wọn kò ní í nínú. Ọ̀fẹ́ mìíràn sì wà tó léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí agbàlejò bá ni gbé fíìdì lọ sọ́dọ̀ áàpù pẹ̀lú àkáǹtì tirẹ̀ àti ímeèlì tirẹ̀. Olóhùn yóò dúpẹ́ lọ́jọ́ náà pé wọ́n gba òun lọ́wọ́ wàhálà. Ọjọ́ tó bá fẹ́ lọ ni yóò mọ̀ pé orúkọ agbàlejò ló wà lórí ìwé ilé.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ó sì ti wà láti ìgbà tí olóhùn kọ̀ọ̀kan ti ń fi fíìdì sórí ìkànnì ara rẹ̀. Kí olóhùn ra orúkọ ìkànnì tirẹ̀, kó sì fi í ṣe àdírẹ́sì fíìdì, kí agbàlejò máa kọ fíìdì náà lábẹ́ orúkọ yẹn. Àwọn agbàlejò kan fàyè gba èyí. Bó bá di ọjọ́ ìkólẹ̀, olóhùn ni yóò yí ibi tí orúkọ náà ń tọ́ka sí padà. Áàpù kò ní í mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bẹ̀ fún `301`. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kó bi agbàlejò ní ìbéèrè mẹ́ta kó tó gbé apá kìíní sílẹ̀: ṣé ẹ ó fi `301` darí fíìdì mi lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ lọ, fún ìgbà wo ni ẹ ó fi í sílẹ̀, àti ímeèlì ta ni yóò wà nínú fíìdì náà?

Áàpù ń wá, áàpù ń lọ. iPodder ti di ohun àtijọ́, Google Podcasts ti pa rẹ́, àwọn tó wà lónìí náà yóò ní ọjọ́ tiwọn. Ìlà `enclosure` tí Winer fi kún RSS ní ọdún 2000 ṣì wà bó ṣe wà, ó ṣì ń júwe ilé. Kí olóhùn kàn rí i dájú pé ilé tirẹ̀ ni ó ń júwe.